Báwo la ṣe fẹ́ máàkì ìkọ̀wé ọmọ Pírámárì kìíní? (bí lẹ́tà ṣe rí, àlàfo, dídi pẹ́ńsù mú)

Àǹtí Kíláàsì Kìíní, Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Kíláàsì méjì la ní fún Pírámárì kìíní nílé-ìwé wa. Èmi ni mo ni A, ẹnìkejì mi ló ni B. Ní sáà tó kọjá, òbí kan tó ní ìbejì, Táíwò lọ́dọ̀ mi, Kẹ́hìndé lọ́dọ̀ B, gbé ìwé àwọn ọmọ náà lọ bá ọ̀gá wa. Ìkọ̀wé wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, àmọ́ ọ̀kan gba 24 nínú 30, èkejì gba 15. Ọ̀gá wá ní kí àwa méjèèjì jókòó, ká kọ ìlànà ìmáàkì kan ṣoṣo tí a óò jọ máa lò.

Ohun tí a kọ sílẹ̀ rèé: bí lẹ́tà ṣe rí, máàkì 10, àlàfo, máàkì 10, dídi pẹ́ńsù mú, máàkì 10. Ẹni tó bá "dára gan-an" gba 9 tàbí 10, ẹni tó bá "dára" gba 7 tàbí 8, ẹni tó "ń gbìyànjú" gba 5 tàbí 6, ẹni tó kù gba ohun tó bá kù.

A fi dán ìwé ọmọ kan wò, ẹnu wa ò tún kò. Mo fún un ní 9 lórí lẹ́tà nítorí pé ìwé rẹ̀ mọ́, ó sì jókòó sórí ìlà. Ẹnìkejì mi fún un ní 6. Lórí dídi pẹ́ńsù mú, 3 péré ló fún un, torí ìka mẹ́rin ni ọmọ náà fi ń dì í mú. Ọmọ 48 ló wà lọ́dọ̀ mi, mi ò lè máa bá ẹnìkejì mi jiyàn lórí ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ bá wa dá sí i.

Bàbá Síléètì, Ìlá Ọ̀ràngún

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ìka mẹ́ta ni pẹ́ńsù ń gbà. Àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ á dì í mú, á wá sùn lé ẹ̀gbẹ́ ìka àárín. Kò sí ìka kẹrin níbẹ̀. Máàkì 3 tí ẹnìkejì rẹ fún un tọ́ sí i, bí o bá sì fi í sílẹ̀ báyìí, yóò bá a dàgbà.

Ti lẹ́tà, ẹ má wo bí ìwé ṣe mọ́. Láyé ìgbà tí a ń lo síléètì, a kì í gbé ìwé fún ọmọ títí tí yóò fi mọ ibi tí lẹ́tà ti ń bẹ̀rẹ̀. Inú ikùn la ti ń bẹ̀rẹ̀ "d", ká tó gùnkè, ká tó sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ fa igi rẹ̀ ni yóò máa pa á pọ̀ mọ́ "b".

Màmá Olùkọ́, Abẹ́òkúta

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo fara mọ́ ohun tí ẹ sọ lórí "d" pátápátá. Ti ìka mẹ́rin ni mi ò fara mọ́, màá sì padà síbẹ̀.

Àǹtí, ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin méjèèjì ni pé ohun mẹ́ta tí ẹ tò yẹn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ibi tí a ti ń rí wọn. Àlàfo wà lórí ìwé. Ẹ lè gbé ìwé lọ sílé kí ẹ máàkì rẹ̀ lálẹ́. Bí ọmọ ṣe ń kọ lẹ́tà kò sí lórí ìwé, nínú ọwọ́ tó ń rìn ló wà. Ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ "o" láti ìsàlẹ̀, kó yí i gba apá òdì, kó sì jáde ní róbótó. Ìwọ tí o wo ìwé á fún un ní 9, ẹni tó dúró tì í á fún un ní 6. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ sọ òtítọ́, ohun tí ẹ wò ló yàtọ̀. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà yín pé a kò gbọ́dọ̀ máàkì lẹ́tà láìjẹ́ pé a wo ọmọ náà níbi tó ti ń kọ ọ́.

Èkejì, ẹ yọ "dára gan-an" àti "ó ń gbìyànjú" kúrò. Ohun tí ojú lè rí ni kí ẹ kọ. Ipele mẹ́rin tó, 10 ti pọ̀ jù, torí kò sí ẹni tó lè sọ ìyàtọ̀ 7 sí 8 nínú ìkọ̀wé ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ kí gbogbo ọmọ kọ gbólóhùn kan náà. Èyí tí èmi máa ń lò ni *Dúpẹ́ gbé ọmọ dání*. Mo yàn án nítorí pé ẹbí lẹ́tà mẹ́ta tó ṣe kókó wà níbẹ̀. Àwọn oníkùn ni "g", "ọ", "d" àti "a": apá ọ̀tún lókè ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ọwọ́ aago wà bó bá lu agogo méjì, tí a óò sì yí lọ sápá òsì. Àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó tún ń padà gòkè kí wọ́n tó tẹ̀ ni "p", "b", "m" àti "n". Àwọn tó ń gba ìlà wálẹ̀ ni "u" àti "i". "E" àti "ẹ" dá dúró, àárín ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí wọ́n dà á kọ ni o, ẹ má pè é fún wọn. Ẹ kọ ọ́ sórí páálí kékeré síwájú ọmọ, ẹ má jẹ́ kó máa gbójú sókè wo pátákó. Bí ẹ bá pè é, ọmọ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yóò dúró, á máa ronú, ọwọ́ rẹ̀ á sì bàjẹ́. Ẹ ti ń máàkì nǹkan mìíràn nìyẹn.

Ó wá ku ti pẹ́ńsù. Ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn tó mọ̀ nípa ọwọ́ ọmọdé gbà pé ó dára. Ó lè jẹ́ ìka mẹ́ta bí Bàbá ṣe wí. Ó lè jẹ́ ìka mẹ́rin, tí pẹ́ńsù á sùn lé ìka òrùka. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjì yìí sì tún ní irú tí àtàǹpàkò ti máa ń gba orí pẹ́ńsù kọjá sí ẹ̀gbẹ́ ìka ìlábẹ̀. Wọ́n ti fi àwọn ọmọ tó ń lò wọ́n wéra, ìyára àti híhàn ìwé wọn kò yàtọ̀. Àwọn tó ń bà mí lẹ́rù ni ọmọ tó fi ìkúùkù gbá pẹ́ńsù mú, ọmọ tí ìka rẹ̀ ń funfun nítorí agbára tó fi ń tẹ̀ ẹ́, ọmọ tí ìwé ń ya lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àti ọmọ tó ń gbọn ọwọ́ nù lẹ́yìn ìlà méjì. Èmi kì í fún dídi pẹ́ńsù mú ní máàkì rárá. Mo máa ń kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àkíyèsí: "ó rọrùn fún un" tàbí "ó ń ni ín lára".

Ìyá Ọlọ́wọ́-òsì, Ìbàdàn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tíṣà, ọmọ tèmi ni mo fẹ́ béèrè. Ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé. Ọdún méjì ni tíṣà rẹ̀ fi ń gba pẹ́ńsù kúrò lọ́wọ́ náà. Màmá mi nílé náà ní kí n so ó. Ní báyìí, bó bá kọ̀wé, ọ̀rọ̀ á lẹ̀ mọ́ra bámúbámú, ó sì máa ń gba òdo lórí àlàfo. Ṣé ìlànà yín yìí máa ní kí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé?

Màmá Olùkọ́, Abẹ́òkúta

Rárá o, ìyá. Ẹ má so ọwọ́ ọmọ, ẹ sì bá màmá sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Kò sí ìlànà ìmáàkì gidi kan tó ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọwọ́ tí ọmọ fi kọ̀wé.

Ti àlàfo yẹn, ẹ béèrè bóyá ìka ni wọ́n ní kó máa fi wọ̀n ọ́n. Ọmọ ọlọ́wọ́ ọ̀tún á fi ìka ọwọ́ òsì sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tó kọ, á wá bẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka náà. Ó rọrùn fún un. Bí ọlọ́wọ́ òsì bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á kọjá lórí ara wọn, kò ní í lè rí ibi tó ń kọ sí. Ẹ ní kó fi àlàfo tó fẹ̀ tó "o" tirẹ̀ kan sílẹ̀, kò nílò ìka. Ẹ tún jẹ́ kó yí ìwé kí orí rẹ̀ tẹ̀ sí apá ọ̀tún díẹ̀, kó di pẹ́ńsù mú lókè díẹ̀ ju ti àwọn yòókù, bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí ẹnu rẹ̀, kí ìka rẹ̀ má bàa bo ohun tó kọ. Kó sì jókòó sí ìparí bẹ́ńṣì lápá òsì, kí ìgúnpá òun àti ti ẹnìkejì rẹ̀ má máa kọlu ara wọn.

Olùkọ́ Kétu

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Láti Kétu ní Bẹ̀nẹ̀ ni mo ti ń kọ. Nílé-ìwé tiwa níbí, ìkọ̀wé alásopọ̀ la ń kọ́ ọmọ láti kíláàsì àkọ́kọ́ bíi ti àwọn Faransé, lórí ìwé tó ní ìlà tinrín mẹ́ta láàárín ìlà nípọn méjì. Mílímítà méjì-méjì ni àwọn ìlà náà fi jìnnà síra. Ìlànà yín lórí àlàfo àárín lẹ́tà kò lè ṣiṣẹ́ níbí, torí lẹ́tà so mọ́ra. Bí lẹ́tà ṣe so mọ́ èkejì, àti bóyá ọmọ gbé ọwọ́ sókè láàárín ọ̀rọ̀, là ń wò.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ Màmá. Tí ẹ bá ní kí ọmọ kọ *Dúpẹ́ gbé ọmọ dání*, ọ̀pọ̀ ni yóò kọ "gbéọmọ" papọ̀, kódà nígbà tí wọ́n ń dà á kọ. Kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ lọ́tọ̀ lẹ́nu, "gbọ́mọ" là ń wí. Ṣé àìmọ àlàfo nìyẹn ni, àbí ọmọ náà gbà pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni? Èmi máa ń ní kí ọmọ fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí páálí kó tó kọ ọ́. Bó bá tọ́ka sí mẹ́rin, tó sì tún so wọ́n pọ̀ nígbà tó ń kọ ọ́, ọwọ́ ni ìṣòro wà. Bó bá tọ́ka sí mẹ́ta, ẹ̀kọ́ nípa ọ̀rọ̀ ló nílò, ẹ má gba máàkì ìkọ̀wé lọ́wọ́ rẹ̀.

Àǹtí Kíláàsì Kìíní, Òṣogbo

Ẹ ṣeun púpọ̀. Àwa méjèèjì dúró ti ọmọkùnrin kan lẹ́ẹ̀kan náà lónìí, a ò bá ara wa sọ̀rọ̀ títí ó fi kọ gbólóhùn náà tán.

Ìwé rẹ̀ dára lójú. Àmọ́ nígbà tí a wo ọwọ́ rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ "ọ" méjèèjì, ó sì yí wọn gba apá ọ̀tún. Ó kọ́kọ́ fa igi "d" ti *dání*, ó wá lẹ ikùn mọ́ ọn. "A" náà, ikùn tirẹ̀, igi tirẹ̀. "G" náà bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí "D" ńlá, lẹ́tà kéékèèké 13 ló wà nínú gbólóhùn náà, márùn-ún ló bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò yẹ. Nígbà tí mo tún tẹjú mọ́ ìwé náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, mo rí i pé àmì rẹ̀ wà níbẹ̀: àyè tinrín kan wà láàárín ikùn àti igi "d", "ọ" kan sì ní ìrù kékeré nísàlẹ̀.

Ìbéèrè mi ni pé ṣé ẹ̀ẹ̀márùn-ún la máa yọ máàkì rẹ̀? Ẹnìkejì mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ náà sì tún gbàgbé àmì abẹ́ "ẹ". Ṣé lẹ́tà nìyẹn ni, àbí sípẹ́lì?

Ìyá Tòmíwá, Lọ́ńdọ̀nù

Mo ń ṣiṣẹ́ ìrànwọ́ ní kíláàsì ọmọ kéékèèké níbí. Nínú ẹ̀kọ́ ọdún kìíní ní Ìngílándì, wọ́n ní kí ọmọ jókòó dáadáa, kó di pẹ́ńsù mú lọ́nà tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn tó sì tọ́, kó sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà kékeré níbi tó yẹ. Ẹ̀kọ́ ni gbogbo ìyẹn. Àmọ́ nínú ìlànà tó jáde ní 2018, tí ilé-ìwé gbọ́dọ̀ fi ṣe ìdájọ́ ìwé kíkọ ọmọ ní ìparí ọdún kejì títí di 2023, ẹ kò ní í rí dídi pẹ́ńsù mú. Ibi tí lẹ́tà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí wà níbẹ̀, títóbi lẹ́tà síra wọn wà níbẹ̀, àlàfo tó bá títóbi lẹ́tà mu náà wà níbẹ̀. Ohun tí Màmá sọ nípa "o" tirẹ̀ bá èyí mu: ọmọ tó ń kọ lẹ́tà gàdàgbà nílò àlàfo tó fẹ̀ ju ti ẹni tó ń kọ wínníwínní.

Bàbá Síléètì, Ìlá Ọ̀ràngún

Ìngílándì kọ́ ló ni ọmọ wa. Bí ẹ kò bá fún dídi pẹ́ńsù mú ní máàkì, tíṣà kò ní í wò ó. Mo ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé, mo mọ ohun tí tíṣà máa ń ṣe sí ohun tí kò ní máàkì. Ó kéré tán, ẹ fún un ní díẹ̀.

Ti àmì abẹ́, ara lẹ́tà ni. "E" àti "ẹ" kì í ṣe lẹ́tà kan náà nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa.

Màmá Olùkọ́, Abẹ́òkúta

Òótọ́ lẹ sọ nípa tíṣà, Bàbá, ó sì ká mi lára. Ṣùgbọ́n ọmọ tí pẹ́ńsù ń ni lára yóò gba òdo, òbí rẹ̀ á nà án, kò sì ní í yí ìka rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà. Pẹ́ńsù kúkúrú, bí ìka àárín ọmọ, ṣe ju pàṣán lọ, torí kò sí àyè lára rẹ̀ fún ìkúùkù láti gbá a mú. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá máa bẹ ìwé àkíyèsí wò bó ṣe ń bẹ ìwé máàkì wò.

Àǹtí, ẹ má yọ máàkì ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Àṣìṣe márùn-ún yẹn, ọ̀kan ni wọ́n. Ẹbí oníkùn nìkan ló ṣì, ohun tí ẹ ó sì kọ́ ọ kò ju ẹyọ kan lọ: bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lókè lápá ọ̀tún, ká yí sápá òsì. Ẹ fi "a" bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ fà á gùn sókè, "d" dé. Ẹ fà á sọ̀ kalẹ̀, "g" dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń máàkì ní ẹbí-ẹbí. Ọmọ yín wà ní ipele kejì.

Bí "b" àti "d" bá ń dojú kọ ara wọn lódì, ẹ kọ ọ́ sí àkíyèsí. Ó wọ́pọ̀ títí ọmọ fi tó bí ọdún méje.

Lórí àmì abẹ́, mo gbà pẹ̀lú Bàbá. Àmì ohùn ni mi ò ní í kà mọ́ ìkọ̀wé ní sáà àkọ́kọ́.

Olùkọ́ Kétu

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀. Bí ẹ bá ka àmì abẹ́ mọ́ lẹ́tà, àwọn ọmọ á máa dúró láàárín ọ̀rọ̀ kí wọ́n lè fi í sí i, ìrìn ọwọ́ wọn á sì gé. Níbí, a ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tán ná, kí wọ́n tó padà wá fi àmì abẹ́ àti àmì ohùn sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tó bá gbàgbé rẹ̀, ìgbàgbé ni, ọwọ́ rẹ̀ kò ṣẹ̀.

Àǹtí Kíláàsì Kìíní, Òṣogbo

Èyí tí a ó gbé lọ bá ọ̀gá lọ́jọ́ Ajé rèé.

Lẹ́tà, ìlọ́po méjì ni máàkì rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ wo ọmọ bó ṣe ń kọ ọ́. Ipele 4: gbogbo ẹbí lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ láìsí pé a rán an létí. Ipele 3: lẹ́tà kan tàbí méjì ṣì ń yẹ̀. Ipele 2: odidi ẹbí kan ló ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò yẹ. Ipele 1: ẹbí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àlàfo, láti orí ìwé. Ipele 4: gbogbo àlàfo àárín ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ó sì fẹ̀ tó "o" ọmọ náà kan. Ipele 3: àlàfo wà láàárín gbogbo ọ̀rọ̀, àmọ́ wọn ò dọ́gba. Ipele 2: ọ̀rọ̀ méjì lẹ̀ mọ́ra, tàbí àlàfo inú ọ̀rọ̀ fẹ̀ tó ti àárín ọ̀rọ̀. Ipele 1: a ò lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí.

Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12. Ọmọ tí a wò yẹn gba 2 lọ́nà méjì, ìyẹn 4, ó sì gba 3 lórí àlàfo. 7 ni. Èmi àti ẹnìkejì mi kọ máàkì tiwa sórí ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì jọra. Dídi pẹ́ńsù mú lọ sí àkíyèsí, kò ní máàkì. Àmì abẹ́ ni a kò tíì fẹnu kò lé lórí. Ẹnìkejì mi wà lẹ́yìn Bàbá, èmi wà lẹ́yìn Kétu.

Wíwo ọmọ 48 ló ń dẹ́rù bà mí báyìí.

Ìyá Tòmíwá, Lọ́ńdọ̀nù

Títóbi lẹ́tà ò sí níbẹ̀ o, Àǹtí. Níbo ni ọmọ tí "p" àti "g" rẹ̀ ń jókòó sórí ìlà dípò kí ìrù wọn sọ̀ kalẹ̀ máa bọ́ sí?

Màmá Olùkọ́, Abẹ́òkúta

Ẹ fi sí ipele 3 lórí lẹ́tà bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni àléébù rẹ̀.

Ti 48, ẹ má wò wọ́n lọ́jọ́ kan. Ọmọ mẹ́fà lójúmọ́ ni kí ẹ wò. Ẹ jẹ́ kí àwọn yòókù máa ya àwòrán tàbí kí wọ́n máa da iṣẹ́ mìíràn kọ, kí ẹ sì jókòó ti àwọn mẹ́fà náà lórí bẹ́ńṣì kan. Ọjọ́ mẹ́jọ ni yóò gbà yín. Apá ọ̀tún ni kí ẹ jókòó sí bí ọmọ bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, apá òsì bó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún, kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa bo ẹnu pẹ́ńsù mọ́ yín lójú. Kí ìlànà yìí tó di ti gbogbo kíláàsì, ẹ jọ wo ọmọ mẹ́wàá mìíràn, kí ẹnìkejì yín máàkì wọn láìrí tiyín. Ibi tí ẹ bá ti yàtọ̀ ju ipele kan lọ, ẹ tún ọ̀rọ̀ ipele náà kọ.

Ìyá Ọlọ́wọ́-òsì, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, Màmá. Mo ti yí ìwé ọmọ náà bí ẹ ṣe wí. Ṣé mo lè tẹ ìlànà Àǹtí yìí sórí ìwé lọ fún tíṣà rẹ̀, tí kò fi ní í rò pé mo wá kọ́ òun níṣẹ́ ni?